Búlúù Tó Di Elésè Àlùkò

Ìyá ìyàwó kò pariwo. Wọ́n ṣí páálí náà, wọ́n mú káàdì kan jáde, wọ́n tọwọ́ bọ àpò wọn, wọ́n yọ ẹ̀já léèsì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n sì tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì mi. Búlúù léèsì náà mọ́ roro, irú èyí tí àwọn aláṣọ ọjà Wúsè ń pè ní róyà búlúù. Káàdì tèmi dà bí ìgbà tí èèyàn da sóbò sínú búlúù yẹn.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ṣé ojú mi ni, àbí elésè àlùkò lo tẹ̀ fún mi?"

Ojú wọn kọ́. Káàdì ìpè 300 ló wà nínú páálí yẹn, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Aṣọ ẹbí ti wà nílé oníkálukú, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Búlúù àti góòlù ni ẹbí méjèèjì yàn, torí búlúù yẹn gan-an ni wọ́n sì ṣe wá bá mi láti Kúbwá ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Útákò. Mo ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí wọn lórí Wáàsáàpù kí n tó gbé e lọ fún ìtẹ̀. Búlúù ni lójú kọ̀ǹpútà mi. Búlúù ni lójú fóònù tiwọn náà. Wọ́n ní ó dáa, mo sì ní kí àwọn atẹ̀wé máa tẹ̀ ẹ́.

Ọdún kẹta tí mo kúrò n'Ìbàdàn wá sí Àbújá nìyẹn. Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ya iṣẹ́ fún ìtẹ̀wé gbà gbọ́: bí àwọ̀ bá yí padà, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ló bà á jẹ́. Bóyá íǹkì rẹ̀ ti pẹ́, bóyá kò fọ rólà rẹ̀ mọ́. Inú mi ń ru nígbà tí mo mú káàdì kan lọ bá Bàbá.

Bàbá ni gbogbo àwa tó ń gbéṣẹ́ lọ síbẹ̀ ń pè wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí gbogbo ọmọ wọn. Ẹ̀rọ Kọ́ọ̀dù kan ni wọ́n ní, èyí tó jẹ́ pé àwọ̀ kan ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí iṣẹ́ bá gba àwọ̀ mẹ́rin, pépà yóò gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, pléètì mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ tó gbé àwòrán àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ni wọn yóò dè, wọn yóò sì máa fọ rólà láàárín. Wọn ò bá mi fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n mú dígí kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, wọ́n sì gbé e lé orí káàdì náà níbi tí búlúù ti pọ̀ jù.

"Wò ó, Àdùnní. Sọ ohun tí o rí."

Mo wò ó. Búlúù tí mò ń wá kò sí níbẹ̀. Àwọn àmì kíńkíńní ni mo rí, wọ́n tò bí èérún sórí pépà. Àwọn kan jẹ́ àwọ̀ sánmọ̀ tó mọ́, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní sáyáànì. Àwọn yòókù jẹ́ píǹkì tó mọ́ roro, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ojú, èyí ni màjéńtà. Níbi tí méjèèjì bá ti gun ara wọn, ó ṣú, ó sì di elésè àlùkò. Pépà funfun ń yọjú láàárín wọn níhìn-ín lọ́hùn-ún.

"Búlúù tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ, n kò ní in nínú agolo," ni Bàbá wí. "Agolo mẹ́rin ni mo ní fún irú iṣẹ́ yìí. Pléètì rẹ ló sọ iye tí mo gbọ́dọ̀ fi lé pépà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye tó sọ náà ni mo fi lé e."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé lọ́jọ́ náà, òun ni mo sì ti ń tú wò láti ìgbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Inú fáìlì mi ni búlúù náà ti di elésè àlùkò, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ rárá.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí kò bá sí iná. Bí a bá fẹ́ kí àwọ̀ kan hàn níbẹ̀, a óò tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlúù ló wà lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ń wò níbẹ̀, kálukú sì ní nọ́ńbà láti 0 títí dé 255. Bí gbogbo wọn bá tàn tán, a rí funfun. Bí gbogbo wọn bá kú, a rí dúdú. Ohun tí à ń pè ní RGB nìyẹn. Búlúù tí mo yàn fún káàdì náà ni R 0, G 0, B 255, ìyẹn ni pé iná pupa kú pátá, iná àwọ̀ ewé kú pátá, iná búlúù nìkan ló tàn dé ibi tó lè tàn dé. Kò sí búlúù tó mọ́ roro jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kọ̀ǹpútà tí mò ń lò. Ìdí tí mo fi yàn án gan-an nìyẹn, torí ó sún mọ́ dídán léèsì náà.

Pépà kò ní iná. Láti funfun ni pépà ti bẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú yàrá tàbí ti oòrùn ló ń bà á tó sì ń ta padà sójú wa. Iṣẹ́ íǹkì ni láti gba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ kí ó tó padà. Mo ti dúró létí àwọn ihò aró tó wà ní Kófà Mátà ní Kánò, mo ń wo ọkùnrin kan tó ń ki aṣọ funfun bọ inú ihò, tó ń fà á jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tó tún ń kì í bọ̀ ọ́. Bí ó ṣe ń kì í bọ̀ ọ́ ni aṣọ náà ń ṣú sí i. Kò sẹ́ni tó lè ki aṣọ bọ aró kí ó wá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wa aláró ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ ìyẹn dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀kọ bo ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ lára àdìrẹ. Ọmọ ìyá kan náà ni íǹkì àti aró. Gbogbo íǹkì tí a bá gbé lé pépà ń bù nínú ìmọ́lẹ̀ ni, kò sí èyí tó ń fi kún un.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ búlúù lórí pépà, a ní láti lé ìmọ́lẹ̀ pupa àti ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé lọ, kí ti búlúù nìkan ṣẹ́ kù tí yóò padà sójú wa. Sáyáànì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa. Màjéńtà ló ń gba ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé. Yẹ́lò ló ń gba ti búlúù, torí náà a kò fẹ́ ẹ níbí. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí bébà, tí a jẹ́ kí 255 dúró fún 1, bó ṣe rí nìyí:

```
C = 1 - R
M = 1 - G
Y = 1 - B
K = min(C, M, Y)
```

Fi búlúù mi sí i. R jẹ́ 0, nítorí náà C di 1, ìyẹn 100 nínú ọgọ́rùn-ún. G jẹ́ 0, M náà di 100. B jẹ́ 1, Y di 0. K tó dúró fún íǹkì dúdú di 0. Sáyáànì kíkún àti màjéńtà kíkún ló yẹ kó fún wa ní búlúù. Ẹ̀yin tó ń fi Kọ́rẹ̀lì ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yóò mọ nọ́ńbà yẹn, torí òun náà ló wà nínú àpótí búlúù ìgbà gbogbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú iṣẹ́: C100 M100. Bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ rí, ẹ mọ ohun tó ń jáde.

Ìṣirò yẹn kò ní àléébù, ohun tí kò mọ̀ nípa íǹkì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ó rò pé sáyáànì ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan tí kò fọwọ́ kan òmíràn, pé màjéńtà náà ń gba ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé tí kò sì mú ẹlòmíràn dání. Kò sí irú íǹkì bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Sáyáànì gidi ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa, ó sì tún ń ré díẹ̀ nínú ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù. Màjéńtà gidi ló burú jù: bó ṣe ń gba ti àwọ̀ ewé, ó ń gba ti búlúù náà pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí pupa kọjá wọ̀ọ̀. Nígbà tí méjèèjì bá wá jọ wà lórí pépà kan, ìmọ́lẹ̀ búlúù tí a fẹ́ kí ó kù ti sọnù díẹ̀díẹ̀ sọ́wọ́ àwọn méjèèjì, pupa díẹ̀ sì ti yọ́ kọjá. Búlúù tó ṣú, tó ní pupa nínú, kí là ń pè é bí kì í ṣe elésè àlùkò?

Àléébù íǹkì yìí náà wà lára ohun tó mú kí íǹkì kẹrin wà. Sáyáànì, màjéńtà àti yẹ́lò kíkún yẹ kó di dúdú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń dà lórí pépà ni àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú. Jacob Christoph Le Blon, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìtẹ̀wé aláwọ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1719, ti gbìyànjú láti fi pléètì mẹ́ta ya àwòrán kíkún, òun náà sì tún máa ń fi pléètì dúdú kún un.

Àwọn tó ṣe Fótóṣọ́ọ̀pù mọ̀ pé ìṣirò tó rọrùn yẹn kò tó. Dípò rẹ̀, wọ́n ń lo ohun tí à ń pè ní pírófáìlì. Ẹ fojú inú wo ìwé gbọọrọ kan tí ẹnì kan ti jókòó kọ lẹ́yìn tó tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpótí àwọ̀ sórí pépà pẹ̀lú íǹkì gidi, tó fi ẹ̀rọ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó wá ṣàkọsílẹ̀ pé: iye sáyáànì báyìí pẹ̀lú iye màjéńtà báyìí, ohun tí ojú rí nìyí. Bí a bá ní kí Fótóṣọ́ọ̀pù sọ RGB di CMYK, ìyẹn nọ́ńbà íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú ìwé yẹn ló ń lọ wò. Lórí kọ̀ǹpútà mi, pírófáìlì tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni `U.S. Web Coated (SWOP) v2`, tí wọ́n ṣe fún irú ìtẹ̀wé ìwé ìròyìn olóṣooṣù ní Amẹ́ríkà. Mo fi búlúù mi sí i. C88 M77 Y0 K0 ni mo gbà.

Ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì yẹn dáadáa. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sáyáànì àti màjéńtà jẹ́ 11 péré. Nọ́ńbà yìí gan-an ló wà lórí pléètì Bàbá. Kọ̀ǹpútà mi ti wo ìwé tó dájú, síbẹ̀ elésè àlùkò ló mú wá.

Ó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé mi. Búlúù R 0, G 0, B 255 kò sí nínú ìwé yẹn rárá. Kò sí àpapọ̀ íǹkì mẹ́rin kankan tó lè mọ́ roro tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà ní láti wá èyí tó sún mọ́ ọn jù láàárín àwọn tí íǹkì lè ṣe. Àwòrán ilẹ̀ tó fi ń wọn bí àwọ̀ méjì ṣe jìnnà síra ni wọ́n ń pè ní `L*a*b*`, èyí tí CIE, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, gbé jáde ní 1976. Àwòrán ilẹ̀ yẹn wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́ ní igun búlúù. Bí èèyàn bá gba ojú ọ̀nà tààrà lórí rẹ̀ láti búlúù tó mọ́ roro jù bọ̀ wá sí àárín, níbi tí àwọ̀ kò ti mọ́ roro mọ́, nọ́ńbà yóò sọ fún un pé ojú àwọ̀ kan náà ló ṣì wà. Ojú èèyàn yóò sì sọ pé ó ti ń wọ elésè àlùkò. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni búlúù mi gbà sọnù. Íǹkì kò lè gbé e, ẹni tó sì wá ìrọ́pò rẹ̀ yà sí apá pupa lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló ń jìyà báyìí. Yẹ́lò kíkún lójú kọ̀ǹpútà di C6 M0 Y97 K0 pẹ̀lú pírófáìlì kan náà, ó sì ń jáde dáadáa, nítorí agolo kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọ̀ ewé kíkún di C63 M0 Y100 K0. Ó ń pàdánù dídán rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ló ṣì jẹ́, kò sẹ́ni tí yóò pè é ní nǹkan mìíràn. Búlúù nìkan ló máa ń yí orúkọ padà. Òun náà sì ni ẹbí máa ń yàn ṣáá.

Ohun kan wà lára káàdì yẹn tí ìyá ìyàwó kò sọ, ṣùgbọ́n tí dígí Bàbá fi hàn mí. Àwọn lẹ́tà kéékèèké tó sọ ibi àpèjẹ àti aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ kò gé dáadáa, wọ́n ní òjìji píǹkì létí ọ̀tún. Mo ti kọ wọ́n ní dúdú RGB, 0, 0, 0, nígbà tí mo sì yí gbogbo iṣẹ́ náà padà lẹ́ẹ̀kan, dúdú yẹn di C75 M68 Y67 K90. Bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀, 300 ló jẹ́. Íǹkì mẹ́rin ló ń lọ sórí lẹ́tà tó tín-ínrín bí irun, pépà sì gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ó bá sún díẹ̀ báyìí nínú ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òjìji yóò yọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké tí mo bá kọ ni mo ń fọwọ́ ara mi sọ di K100, kí àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ 0. Pléètì kan ni, kò sí ohun tí yóò bá a ṣe ségesège.

Ṣé kí n má yí i padà rárá nígbà náà? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé fáìlì RGB lọ sí ilé ìtẹ̀wé bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n agolo mẹ́rin yẹn náà ló wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tí yóò pèsè pléètì tàbí èyí tó ń darí ìtẹ̀ tààrà yóò yí i padà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú pírófáìlì tí ẹni tó ń lò ó bá fi síbẹ̀, ẹ kò sì ní rí nọ́ńbà tó ti inú rẹ̀ jáde. Èmi fẹ́ kí ìyípadà náà ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ohun tí mo máa ń ṣọ́ ni kí n má fi ti CMYK rọ́pò fáìlì àkọ́kọ́. Àwọ̀ tó bá ti sọnù nígbà ìyípadà kò ní padà wá bí a bá tún sọ fáìlì náà di RGB, búlúù tó ti ṣú náà ni yóò kàn máa tàn sí wa lójú kọ̀ǹpútà. Mo ti pàdánù iṣẹ́ méjì báyẹn, nítorí náà fáìlì méjì ni mò ń tọ́jú fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá ní kí n má tíì tún káàdì náà tẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ oníbàárà mìíràn lórí páálí kan náà tí a fẹ́ lò, etí rẹ̀ tí wọ́n máa ń gé sọnù sì fẹ̀ tó ìka méjì. "Ya àpótí márùn-ún sí etí yẹn," ni wọ́n wí. Sáyáànì 100 nínú gbogbo wọn, màjéńtà 80 nínú ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 70, 60, 50, àti 40. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gé etí náà fún mi. Èyí tó ní 80 ṣì jẹ́ elésè àlùkò, kò sí àríyànjiyàn. 70 wà lórí ààlà: bí mo bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ 80, mo máa ń pè é ní búlúù, bí mo bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì, kò dá mi lójú mọ́. 60 ni ọkàn mi ti balẹ̀. 50 ti ń tutù jù, 40 sì ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọ̀ sánmọ̀. Àwọn atẹ̀wé mọ ìlànà yìí tipẹ́, pé kí màjéńtà fi ó kéré tán 30 dín sí sáyáànì bí èèyàn bá fẹ́ kí búlúù máa jẹ́ búlúù. Ó yàtọ̀ láti gbọ́ ọ, ó yàtọ̀ láti rí i lórí páálí tí èèyàn fẹ́ lò. Lórí pépà tí kò dán, tó ń mu íǹkì bí ilẹ̀ tó gbẹ ṣe ń mu omi, àmì kíńkíńní wọ̀nyẹn máa ń fẹ̀ sí i, gbogbo nǹkan á ṣú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà mi ò ní gbé nọ́ńbà etí yẹn lọ sórí pépà mìíràn láìdán an wò.

C100 M60 jẹ́ búlúù tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé léèsì tì í, léèsì ṣì ń dán jù ú. Mo sọ fún Bàbá. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Kí ló kàn ọ́ pẹ̀lú agolo mẹ́rin? Àwọ̀ mélòó ló wà lára káàdì yìí?"

Méjì ni. Búlúù àti góòlù. Kò sí fọ́tò kankan lórí rẹ̀.

Agolo mẹ́rin ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ tó ní fọ́tò, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè ra agolo fún gbogbo àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá jẹ́ àwọ̀ méjì péré, wọ́n lè ra íǹkì tí wọ́n ti pò di àwọ̀ náà gan-an nínú agolo, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kíńkíńní rárá, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí pépà. Èyí tí Bàbá mú sọ́kàn ni Ríflẹ́ẹ̀sì Búlúù, ọ̀kan nínú àwọn íǹkì tí ilé iṣẹ́ Páńtóònù fi ń po àwọn àwọ̀ wọn. Èlò inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti sáyáànì, kò nílò kí màjéńtà ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ó dé ibi tí agolo mẹ́rin kò lè dé. Kò ní tàn bí ojú fóònù, kò sí íǹkì lásán tí yóò ṣe ìyẹn. Góòlù náà rí bẹ́ẹ̀. Góòlù tí mo fi yẹ́lò àti màjéńtà pò tẹ́lẹ̀ dà bí ẹ̀kọ pupa, èyí tó wà nínú agolo ní lúúlúú irin nínú tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà.

Iye pléètì sì ni ìyanu jù fún mi. Mẹ́rin ni mo san owó rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Méjì la lò báyìí, ìgbà méjì ni pépà gba inú Kọ́ọ̀dù, mo sì fi ọ̀rọ̀ kéékèèké náà sínú pléètì búlúù. Owó agolo jẹ díẹ̀ nínú ohun tí a fi pamọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ tán. Ohun tó gba sùúrù ni gbígbẹ. Ríflẹ́ẹ̀sì Búlúù lórúkọ láàárín àwọn atẹ̀wé pé kì í tètè gbẹ, ó sì máa ń rá sí ọwọ́ àti sí ẹ̀yìn káàdì tó bá wà lórí rẹ̀. Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n to káàdì náà ga, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sẹ́ni tí yóò gé e fún odindi ọjọ́ méjì.

Láàárín ọjọ́ méjì yẹn ni mo jókòó ti fáìlì àtijọ́ kí n mọ̀ bóyá mo lè ti rí i tẹ́lẹ̀. Mo lè rí i. Nínú Fótóṣọ́ọ̀pù, èèyàn á lọ sí `View > Proof Setup`, yóò mú `Working CMYK`, lẹ́yìn náà `Ctrl+Y` yóò máa fi bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí lórí pépà hàn án láìyí fáìlì padà. Mo tẹ̀ ẹ́, búlúù mi ṣú lójú mi. Mo tún tẹ `Shift+Ctrl+Y`, èyí tó máa ń fi eérú bo gbogbo ibi tí íǹkì mẹ́rin kò lè gbé. Gbogbo ojú káàdì náà di eérú, àfi àwọn lẹ́tà. Bọ́tìnì méjì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tèmi kò tíì rí ẹni tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n kí àwọ̀ rẹ̀ gún, mo sì máa ń fi iná rẹ̀ sókè torí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, nítorí náà mi ò gbára lé ohun tí ojú mi rí lórí rẹ̀ tán. Nọ́ńbà ni mò ń kà. Bí mo bá rí búlúù tí màjéńtà rẹ̀ ti sún mọ́ sáyáànì, mi ò dúró de ojú mi mọ́.

Mo sì dẹ́kun gbígba fọ́tò aṣọ. Fóònù tó ya aṣọ náà ti fi ọgbọ́n ara rẹ̀ tún àwọ̀ ṣe, fóònù tó gbà á tún ń fi í hàn bó ṣe wù ú, inú yàrá oníná pupa ni wọ́n sì sábà máa ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí káàdì bá aṣọ mu, kó gé ẹ̀já aṣọ wá fún mi, bó ti wù kó kéré tó.

Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó padà wá, mo gbé káàdì tuntun àti léèsì lé tábìlì bíi ti ìjọ́sí. Ojú wọn kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù mi, káàdì náà dà bí ẹni pé ó ṣú díẹ̀ ju léèsì lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a jọ jáde. Igi dóńgóyárò kan wà níwájú ilé náà, a dúró sábẹ́ ìbòòji rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé láìsí oòrùn tààrà. Aró inú léèsì àti íǹkì orí káàdì kì í ṣe ohun kan náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ bára mu lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan, wọ́n lè yapa lábẹ́ òmíràn, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú sì máa ń fo apá kan nínú àwọ̀ dá. Lábẹ́ igi yẹn, wọ́n gbé káàdì lé orí léèsì, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Èyí ni mo ní kí o ṣe," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹ̀já léèsì náà sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ya á sí méjì, wọ́n mú ìdajì. Èyí tó kù ṣì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi, mo lẹ etí páálí tí Bàbá gé fún mi mọ́ abẹ́ rẹ̀, àpótí márùn-ún náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn tí mo fi bírò kọ: 80, 70, 60, 50, 40.